Owó Tí Ẹ́ńjìnnì Máa Jẹ Kó Tó Kú: Ìrírí Mi Lórí Ìṣúná Ẹ̀rọ Ìrinẹ̀gẹ́

Èmi ni akọ̀wé owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bá délẹ̀ nípàdé, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn ń béèrè ni pé: "Èló ni?" Ìbéèrè náà dára, àmọ́ kì í ṣe òun ló máa sọ bóyá ẹ̀rọ yóò gbè wá tàbí yóò jẹ wá run. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní owó tí a fi rà á, ó sì ní owó tí yóò máa gbà lọ́wọ́ wa láràárọ̀ títí yóò fi di irin tí àwọn ọmọ Háúsá ń fi ọmọlanke kó. Nínú ẹ̀rọ tó ń jẹ epo, owó kejì yìí lè ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo mọ̀ jù.

Èyí tó ti dàgbà nílé iṣẹ́ wa kú, a sì ní láti ra òmíràn. Oríṣi méjì ló wà níwájú wa. Ọ̀kan ń lo bẹntiróòlù, ó kéré, ó fúyẹ́, ọkùnrin kan lè gbé e. Èkejì ń lo dísù, onísílíńdà kan tí omi ń tù, ó wúwo débi pé orí kọ́ńkéré ló gbọ́dọ̀ jókòó. Àwọn méjèèjì ló lágbára tó láti yí ẹ̀rọ kan náà. Iye owó tí mo máa lò nínú àlàyé yìí, mo ti yí i sí iye tó rọrùn láti kà; ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà ìṣirò náà kò ní yàtọ̀.

Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Wákàtí iṣẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹ́ńjìnnì kì í gbó nítorí pé oṣù ń yí, bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń gbó, nítorí náà ẹni tí kò mọ wákàtí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe lọ́dún kò lè mọ ọdún tí ẹ̀rọ náà máa lò. Ẹ́ńjìnnì kékeré bíi tiwa kò ní aago tó ń ka wákàtí, ìwé àkọsílẹ̀ kan la so mọ́ ògiri: ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ á kọ àkókò tó tan iná sí i àti àkókò tó pa á. Láti inú ìwé yẹn la ti rí i pé, tí a bá yọ ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ òjò tí ọkọ̀ kò lè gbé ẹ̀gẹ́ dé, àti ìgbà tí ẹ̀gẹ́ wọ́n, wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ fún nǹkan bí 250 ọjọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Wákàtí 1,000 lọ́dún nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè ọjọ́ ayé àwọn ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Ẹni tó ń tà á kọ́ ni mo bi. Àwọn tó ń lọ ata àti àgbàdo láyìíká wa ni mo lọ bá, àti mẹkáníìkì tó ń tú ẹ̀rọ wọn, nítorí àwọn ló mọ ìgbà tí èyí tí wọ́n rà kẹ́yìn kú. Nínú eruku àti omi ẹ̀gẹ́, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù irú èyí máa ń tó wákàtí 2,000 kí títún un ṣe tó di ìnáwó asán. Ti dísù máa ń tó 6,000, bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, tí wọ́n sì tún inú rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan láàárín. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọdún méjì ni ti bẹntiróòlù, ọdún mẹ́fà ni ti dísù.

Nígbà yẹn ló tó kan owó ríra, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìṣúná ti máa ń ṣìnà, torí pé iye tí oníṣòwò bá pè nìkan ni wọ́n ń kọ. Ẹ́ńjìnnì dísù náà jẹ́ ₦820,000 ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ó tó lè rin ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo, ọkọ̀ tó máa gbé e wá jẹ́ ₦45,000, ìjókòó kọ́ńkéré pẹ̀lú bóòtù rẹ̀ jẹ́ ₦60,000, púlì àti bẹ́líìtì ₦40,000, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì tó máa so ó ₦35,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦1,000,000. Ti bẹntiróòlù jẹ́ ₦270,000, púlì, ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ sì fi ₦50,000 kún un, ó di ₦320,000.

Owó kan tún wà tó ń da àwọn akọ̀wé láàmú. Dísù nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n lò: bí a ṣe ń fi ọwọ́ yí i, bí a ṣe ń wo omi inú rẹ̀, bí a ṣe ń lé atẹ́gùn jáde nínú ọ̀nà epo rẹ̀. A ní láti san ₦30,000 fún ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ wa. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 16 kò gbà kí a fi owó ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kún iye ohun ìní nínú ìwé. Ìnáwó ọdún náà ni kí a kà á sí. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìṣirò wa. Àmọ́ ìṣúná ríra ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ìwé ohun ìní. Ìṣúná ń béèrè gbogbo owó tó máa jáde nínú àpò nítorí ìpinnu yìí, owó ẹ̀kọ́ yẹn sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà owó tí dísù nílò lọ́jọ́ kìn-ín-ní jẹ́ ₦1,030,000, nígbà tí ìwé ohun ìní ń kà á ní ₦1,000,000. Mo tún ya owó epo oṣù àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún èyíkéyìí tí a bá rà, kí ẹ̀rọ tuntun má bàa jókòó sílẹ̀ nítorí pé a ti kó gbogbo owó sí ríra rẹ̀.

Ìdínkù iye ẹ̀rọ ló kàn, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní owó ogbó. Ẹ ó mú iye tó ná wa láti gbé ẹ̀rọ dìde, ẹ ó yọ iye tí a lè ta àlòkù rẹ̀ nígbà tó bá kú, ẹ ó sì pín ìyókù sí ọdún tó máa lò. Àwọn tó ń ra irin àti àwọn mẹkáníìkì tó ń wá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lè ra òkú dísù ní ₦100,000. Èyí fi ₦900,000 sílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ìyẹn ₦150,000 lọ́dún. Òkú bẹntiróòlù kò lè ju ₦20,000 lọ, ó ṣẹ́ku ₦300,000 fún ọdún méjì. Òun náà jẹ́ ₦150,000 lọ́dún.

Nígbà tí mo ka iye yìí sétí ìpàdé, gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá alága ní, "Akọ̀wé, ẹ tún un kà. Èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù kan àti èyí tí kò tó ìdajì rẹ̀, iye kan náà ni wọ́n ń gbó lọ́dún?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èyí tó wọ́n máa wà láàyè títí a ó fi sin mẹ́ta nínú èyí tó pọ́ọ́kú." Èyí ni ìwúlò owó ogbó nínú ìṣúná: ó ń jẹ́ kí a lè fi ẹ̀rọ ọlọ́dún méjì wé ẹ̀rọ ọlọ́dún mẹ́fà lórí ìwọ̀n kan náà.

Nínú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kì í ṣe déédéé láti ọdún dé ọdún, ó sàn kí a ka owó ogbó ní wákàtí. ₦900,000 tí a pín sí wákàtí 6,000 jẹ́ ₦150 ní wákàtí kan. Bí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n lọ́dún kan tí ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́ wákàtí 700 péré, owó ogbó ọdún yẹn á jẹ́ ₦105,000. Èyí bá bí irin ṣe ń gbó mu ju pípín in ní ọgbọọgba lọ.

Ó wá ku epo. Mi ò gba ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá gbọ́, torí ẹ̀rọ tí wọ́n dán wò nínú yàrá tó mọ́ kọ́ la máa lò. Àwọn méjì tó ní irú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí lágbègbè wa gbà kí a wọn tiwọn. A kún táńkì dé ọrùn títí epo fi kan etí ihò, a ta á nù kí ó gbẹ, a wá jẹ́ kí wọ́n fi rin ẹ̀gẹ́ gidi fún wákàtí gbáko. Nígbà tí wọ́n pa á, a fi kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tí a ti fi kálámù fàlà sí lára kún un padà dé ọrùn kan náà. Ohun tó jáde nínú kẹ́ẹ̀gì ni ẹ́ńjìnnì jẹ. Ó ṣe pàtàkì pé kí ẹ̀gẹ́ máa wọ inú ẹ̀rọ láìdáwọ́ dúró ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń yí lófìfo kì í jẹ tó èyí tó ń ṣiṣẹ́. Bẹntiróòlù jẹ lítà méjì ní wákàtí. Dísù jẹ lítà kan àti ìdá mẹ́rin, ìyẹn 1.25. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí wà nínú bí a ṣe dá wọn: dísù ń fún atẹ́gùn mọ́ra gidigidi kí epo tó gbiná, nítorí náà ó ń rí agbára púpọ̀ sí i fà yọ nínú lítà kan.

Ká ní bẹntiróòlù jẹ́ ₦900 ní lítà kan, tí dísù sì jẹ́ ₦1,200. Epo bẹntiróòlù fún wákàtí 1,000 á jẹ́ ₦1,800,000, ti dísù á jẹ́ ₦1,500,000. Ọ́ìlì àwọn méjèèjì la ń pààrọ̀ ní gbogbo wákàtí 100, àmọ́ inú dísù tóbi, ó ń gba nǹkan bíi lítà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. ₦135,000 lọ́dún fún dísù, ₦50,000 fún bẹntiróòlù. Púlọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀ àti okùn tí a fi ń fa bẹntiróòlù ń gba ₦90,000. Fílítà, nọ́sùlù àti bẹ́líìtì dísù ń gba ₦65,000. Àpapọ̀ owó ìlò bẹntiróòlù di ₦1,940,000 lọ́dún, ti dísù ₦1,700,000. Ní òpin ọdún kẹrin, a máa tú inú dísù, a ó pààrọ̀ ríìnì, láínà àti bẹ́árìnì rẹ̀, ₦200,000.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé mi ò fi owó ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ sí i, mi ò sì fi páànù oníhò tó ń rin ẹ̀gẹ́ sí i, èyí tó máa ń kú tí a sì ń pààrọ̀ léraléra. Èyíkéyìí tí a bá rà nínú àwọn ẹ́ńjìnnì méjèèjì, a máa san wọ́n, wọn ò sì ní yàtọ̀. Wọ́n wà nínú ìṣúná ọdọọdún ilé iṣẹ́, àmọ́ nínú ìfiwéra, wọ́n kàn ń dí ojú ni.

Ní ọdún mẹ́fà, bẹntiróòlù mẹ́ta máa gba ₦900,000 lẹ́yìn tí a bá ti ta òkú wọn, owó ìlò wọn sì máa jẹ́ ₦11,640,000: ₦12,540,000 lápapọ̀. Dísù kan máa gba ₦900,000, owó ẹ̀kọ́ ₦30,000, owó ìlò ₦10,200,000, àti títú inú rẹ̀ ₦200,000: ₦11,330,000. Dísù fi ₦1,210,000 sàn ju bẹntiróòlù lọ. Ẹ tún wo ohun kan níbẹ̀: nínú ₦12,540,000 ti bẹntiróòlù, owó ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi náírà méje nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo àríyànjiyàn "èló ni" tí a ń ṣe, orí náírà méje yẹn la ti ń ṣe é, tí a sì fi mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún sílẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò jẹ́ kí wọ́n dìbò lọ́jọ́ yẹn, torí pé ₦1,210,000 yẹn kò tíì pé. Owó òní ni dísù ń gbà, owó ọdún tó ń bọ̀ ló ń dá padà, owó méjèèjì kì í sì í ṣe ẹgbẹ́. Láti ra dísù dípò bẹntiróòlù, a gbọ́dọ̀ fi ₦710,000 lé e lónìí. Ohun tó máa dá padà ni ₦240,000 lọ́dún nínú owó ìlò. Ní òpin ọdún kejì àti ìkẹrin, ó tún gbà wá lọ́wọ́ ríra bẹntiróòlù tuntun, ₦300,000 lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ti ọdún kẹrin pàdé owó títú inú dísù, ₦100,000 ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ní òpin ọdún kẹfà, òkú dísù fi ₦80,000 ju òkú bẹntiróòlù lọ. Tí a bá tò ó tẹ̀léra, ó jẹ́ ₦240,000, ₦540,000, ₦240,000, ₦340,000, ₦240,000 àti ₦320,000. Owó ogbó kò sí nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí rárá. A ti ka owó ríra lódindi nígbà tó jáde. Tí a bá tún ka owó ogbó, a ti ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo la ṣe máa fi owó ọdún mẹ́fà wé owó òní? Èlé la fi ń ṣe é. Ká ní a yá owó náà ní èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ìyẹn kì í ṣe àsọdùn, nítorí ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5, àwọn báńkì yòókù sì ń fi tiwọn lé e kí wọ́n tó yá ènìyàn. Ní èlé 30, ₦240,000 òpin ọdún àkọ́kọ́ kò ju ₦184,600 lọ lónìí, torí pé ₦184,600 tí a bá yáni lónìí máa di ₦240,000 lọ́dún tó ń bọ̀. Bí a ṣe ń lọ síwájú ló túbọ̀ ń fọ́n: ₦320,000 ọdún kẹfà kò ju nǹkan bí ₦66,000 lọ. Tí mo bá sọ gbogbo rẹ̀ di owó òní tí mo sì ṣà á jọ, ó jẹ́ nǹkan bí ₦863,000. A yọ ₦710,000, ó ku ₦153,000. Dísù ṣì jàre, àmọ́ mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún ti rù di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ ó lé díẹ̀.

Tí èlé bá di 40, ohun gbogbo yí padà: owó tó ń padà bọ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦710,000, èrè dísù ti tán; tí èlé bá ju ìyẹn lọ, dísù ti ń pàdánù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń gba èlé náírà mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan! Ẹni tó bá yá owó bẹ́ẹ̀, kó ra bẹntiróòlù, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èlé tí ẹgbẹ́ wa ń gbà lọ́wọ́ ara wa jẹ́ 10, ní èlé yẹn dísù jàre ní nǹkan bí ₦697,000. Ẹ̀rọ kan náà ni, epo kan náà ni, ibi tí owó ti wá ló pín wọn níyà. Torí náà mo máa ń sọ pé kí ẹgbẹ́ mọ orísun owó rẹ̀ kí ó tó lọ sí ọjà ẹ̀rọ.

Wákàtí iṣẹ́ náà lágbára bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan lápá ibòmíràn bẹ̀ mí kí n bá wọn ṣe ìṣirò kan náà, ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn sì fi wákàtí 500 hàn lọ́dún. Ohun tí dísù ń fi pamọ́ di ìdajì, ₦120,000, bẹntiróòlù wọn sì máa lo ọdún mẹ́rin kí ó tó kú. Ní èlé 30, dísù pàdánù ní ọ̀dọ̀ wọn, kò sì tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Bẹntiróòlù ni mo ní kí wọ́n rà.

Ewu tó tóbi jù nínú ìṣirò yìí ni iye epo, mo sì fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Èrè ₦240,000 tí dísù ń mú wá lọ́dún máa pòórá bí dísù bá fi ₦192 gbówó lórí ní lítà kan, tí bẹntiróòlù kò sì kúrò níbi tó wà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárín ọdún 2022, bẹntiróòlù kò tíì tó ₦200 ní ilé epo torí pé ìjọba ń san owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀, nígbà tí dísù tí kò ní ìrànwọ́ ti kọjá ₦700. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí nígbà náà á rí ₦400 ní wákàtí fún bẹntiróòlù àti ₦875 fún dísù, á sì ra bẹntiróòlù láìjanpata. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ ti lọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan lítà kan sì ti lé ní ₦480 ní Èkó. Ìṣúná ẹ̀rọ ọlọ́dún mẹ́fà gbọ́dọ̀ ní ojú ìwé kan tó ń dáhùn pé: bí epo bá gbówó lórí, ta ló ń pàdánù, àti láti iye wo?

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí a ò lo mọ́tò iná mànàmáná. Lórí ìwé, òun ló dára jù. Iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì wa ń ṣe máa jẹ iná tí kò tó kílówáàtì márùn-ún ní wákàtí, ní ₦209.5 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ìpele kìn-ín-ní lẹ́yìn àfikún owó iná ọdún 2024, kò tó ₦1,050. Ṣùgbọ́n ìpele yẹn jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún lóòjọ́. Abúlé wa kò sí níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá sì ti bó kò lè dúró de iná.

Dísù la rà, owó ẹgbẹ́ la sì fi rà á. Ìjà tó tẹ̀lé e ni ti owó ogbó. Ní ìparí ọdún, ìwé fi hàn pé a ti yọ ₦150,000, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì rò pé owó náà wà níbì kan. Kò sí níbì kankan. Yíyọ owó ogbó nínú ìwé kàn ń dín èrè tí a kéde kù ni. Bí a kò bá gbé owó gidi lọ sí àpò mìíràn, á ti bá owó ẹ̀gẹ́ àti owó igi ìdáná lọ. Nítorí náà a ṣí àkáǹtì kan sọ́tọ̀. Gbogbo oṣù la ń ka wákàtí inú ìwé àkọsílẹ̀, a ń sọ ọ́ di ìlọ́po ₦150, a sì ń gbé iye náà lọ síbẹ̀ kí a tó pín ohunkóhun. Àwọn tó ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ wa tí wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, owó ogbó yìí wà nínú iye tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Kódà, ₦900,000 tí a bá kó jọ bẹ́ẹ̀ kò dájú pé yóò ra ẹ̀rọ tuntun. Àtòkèèrè wá ni ẹ́ńjìnnì yìí, dọ́là ló ń darí rẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti kọjá ₦1,500 nínú ọdún 2024. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ṣáájú, tó sì ń yọ owó ogbó lórí iye tó rà á, ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì ní lè ra ìdajì ẹ̀rọ. Ìwé ohun ìní wa ṣì ń lo iye tí a rà á, bí ìlànà ṣe wí. Àmọ́ àkáǹtì ẹ̀rọ, iye ọjà lọ́wọ́lọ́wọ́ la fi ń tún un ṣe lọ́dọọdún. Bí àpẹẹrẹ, tí gbogbo ìnáwó ẹ̀rọ tuntun bá ti di ₦1,300,000 lẹ́yìn ọdún kan, tí òkú rẹ̀ sì di ₦130,000, ₦1,170,000 la nílò. A ti ní ₦150,000 nílẹ̀. Ó ku ₦1,020,000 fún ọdún márùn-ún, ₦204,000 lọ́dún. ₦150 wákàtí kan á di ₦204 nìyẹn, iye tí àwọn oníbàárà ń san á sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan bínú nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é. Ìyá alága ló dá wọn lóhùn: "Ẹ bínú báyìí, ó sàn ju kí ẹ wá sunkún sí mi lọ́rùn lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kú."

Ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lára ògiri kò dúró lórí wákàtí nìkan mọ́. A ti fi lítà epo kún un, nítorí iye lítà ní wákàtí kan ni ẹ̀rọ fi ń sọ ara rẹ̀ kí ó tó dákú. Bí ó bá kúrò ní 1.25 tó ń lọ sókè, páànù tó ti kú ni a kọ́kọ́ ń wò, torí pé páànù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ń fi agbára fọ́ ẹ̀gẹ́ dípò kó rin ín, àtúnṣe rẹ̀ kò sì wọ́n. Tí páànù bá dára, ẹ wo èéfín. Èéfín dúdú ń tọ́ka sí nọ́sùlù tàbí fílítà atẹ́gùn tó ti dí. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jó nínú rẹ̀, ríìnì ti ń kú. Láìpẹ́ yìí, mẹkáníìkì kan sọ fún wa pé ẹ̀rọ ṣì lè fara dà á, kí a má tíì tú u. Ìwé sì ń fi lítà 1.6 hàn. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 0.35; ní ₦1,200 lítà kan àti wákàtí 1,000, ₦420,000 lọ́dún là ń sun dànù láti sá fún àtúnṣe ₦200,000. Ẹnì kan nípàdé tún ní kí a dúró torí pé iye ẹ̀rọ nínú ìwé kò tíì lọ sílẹ̀ tó. Mo ṣàlàyé fún un pé iye inú ìwé kì í jẹ epo. Owó tó máa jáde láti òní lọ nìkan la máa wò, ó sì fi hàn pé àtúnṣe náà máa san ara rẹ̀ padà kí oṣù mẹ́fà tó pé. A tú u ní ọ̀sẹ̀ yẹn, láti inú àkáǹtì ẹ̀rọ.